Tọkọtaya ní owó làwọn fẹ́: bí ẹ ṣe lè mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ fún wọn

Káàdì ìpè dé, ẹ kà á débi ìsàlẹ̀, ẹ wá rí ìlà kékeré kan níbẹ̀: “A ti ní ohun tá a nílò nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ fún wa lẹ́bùn, owó la máa fẹ́.” Inú èèyàn máa ń kọ́kọ́ dùn, nítorí pé kò ní í máa rìn ká ọjà mọ́. Kò ní í pẹ́ tí ìbéèrè tó le á fi yọjú: èló? Bí ẹ bá ra abọ́ tàbí aṣọ ibùsùn, kò sẹ́ni tó mọ iye tẹ́ ẹ rà á gan-an. Owó ò ní ibi tó máa fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá ti ṣí àpòòwé náà ti mọ iye rẹ̀ nìyẹn.

Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣi iye yìí dá. Wọ́n á dúró dìgbà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà àríyá, wọ́n á wo bí ibẹ̀ ṣe rí, wọ́n á bi ẹni tó jókòó tì wọ́n léèrè ohun tó mú wá, wọ́n á wá tún owó kà nínú ọkọ̀. Ní tèmi o, ẹni tó bá ń ka owó lẹ́nu ọ̀nà ti pẹ́ jù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ilé lẹ ti máa mọ iye yẹn, láti inú owó tiyín, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, títí dórí bí owó náà á ṣe dọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ fún láìsọnù sọ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa

Gbogbo ìbéèrè owó kọ́ ló rí bákan náà. Àwọn kan kàn ní owó làwọn fẹ́, ó parí síbẹ̀. Àwọn míì á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe: ilé tí wọ́n fẹ́ san àsansílẹ̀ rẹ̀, ìrìn àjò tí wọ́n fẹ́ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, tàbí gbèsè ilé ìwé. Àwọn kan á fi ìkànnì kan ránṣẹ́ tí gbogbo èèyàn á máa dáwó sí. Bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe, ẹ máa fi sọ́kàn pé ohun tó wà lọ́kàn wọn lónìí nìyẹn. Bí wọ́n bá padà fi ra ọkọ̀, a ò lè bi wọ́n. Owó tá a bá ti fúnni ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń wo ìbéèrè owó bí àìlójútì. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Ìgbà tí ọmọ ń ti ilé òbí bọ́ sílé ọkọ lọ́wọ́ òfo ni ẹ̀bùn ìkòkò àti àwo ti wúlò jù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń fẹ́ra ti dá gbélé fún ọdún mélòó kan, kálukú ní ìkòkò tiẹ̀, wọ́n á wá da méjèèjì pọ̀ sínú yàrá kan. Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta kì í ṣe ọrọ̀, ẹrù ni. Àwọn míì sì ń múra àtilọ gbé níbòmíì, níbi tí owó ìkẹ́rù á fi ju iye ẹrù fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ọkàn yín kò bá gbà á pé kẹ́ ẹ fún wọn lówó lásán, ẹ lè ra nǹkan kékeré kan tó ṣeé fi ṣe ìrántí, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó pọ̀ jù lára owó náà ṣe ẹ̀bùn. Èyí tí mi ò gbà ẹnikẹ́ni níyànjú ni kó ra ẹrù ńlá fún ẹni tó ti sọ pé òun ò ní àyè. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì máa wá ẹni tí wọ́n á gbé e fún.

Ìwé ìpè tó bá dá iye kan lé èèyàn lórí ńkọ́, pé ẹ̀bùn ò gbọ́dọ̀ dín sí báyìí? Mo ti rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀bùn tó ní iye owó lára ti di owó ìwọlé. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ẹ ò rí ìlà yẹn, kẹ́ ẹ fún wọn ní iye tẹ́ ẹ máa fún wọn tẹ́lẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ má lọ.

Ẹ ya owó ayẹyẹ ọdún kan sọ́tọ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan la máa ń ronú lé lórí, bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Ìgbéyàwó kì í dá wá. Bí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá ti tó ọjọ́ orí kan, ọdún kan lè gbé mẹ́rin tàbí márùn-ún wá. Ẹni tó bá ti ná owó púpọ̀ nídìí àkọ́kọ́ ló máa ń wá àwáwí nígbà tó bá di ìkẹta, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló ni ìkẹta yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo yí iye rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ fi owó ìlú tiyín sí i. Ká ní 1,000 ló ń wọlé fún un lóṣù. Lẹ́yìn owó ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, ìtọ́jú àwọn òbí àti owó tó ń fi pamọ́, 150 ló máa ń ṣẹ́ kù. Ní ọdún kan, ìyẹn jẹ́ 1,800. Inú rẹ̀ ni aṣọ, ìnáwó òjijì àti fàájì tirẹ̀ náà wà, torí náà kò lè kó gbogbo rẹ̀ fún ayẹyẹ ẹlòmíràn. Ó pinnu pé ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni kó jẹ́ fún ìgbéyàwó ọdún yẹn, ìyẹn 600. Ìdá mẹ́ta yìí kì í ṣe òfin. Ẹlòmíì lè mú ìdá mẹ́wàá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé inú owó tó ṣẹ́ kù ni kó ti wá. Bó bá ti kan owó ilé tàbí owó tẹ́ ẹ fẹ́ yá, iye yẹn ti pọ̀ jù, bó ti wù kí tọkọtaya náà sún mọ́ yín tó.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn náà ni pé ó yọ 60 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fún ìgbéyàwó tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ má fo èyí. Káàdì tó máa ń bani lójijì kì í tán lọ́dún. Ó wá ku 540.

Ẹ pín in bí wọ́n ṣe sún mọ́ yín tó

Ìgbéyàwó mẹ́rin ló mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tó ń gbé ní ìlú míì. Ti ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àti ti ọmọ aládùúgbò àwọn òbí rẹ̀, tó mọ̀ láti kékeré àmọ́ tí wọn ò tíì ríra fún ọdún mẹ́wàá.

Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ìpín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá fún ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìpín kan, mélòó ló yẹ kí n fún àbúrò mi? Ó ní márùn-ún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mẹ́ta. Ọmọ aládùúgbò? Ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín mẹ́wàá. Ó pín 540 sọ́nà mẹ́wàá, ìpín kan sì jẹ́ 54. Àbúrò rẹ̀ ní 270, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 162, àwọn méjì tó kù ní 54 kọ̀ọ̀kan.

Ọgbọ́n tó wà nínú kéèyàn fi ìpín bẹ̀rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kó rọrùn láti sọ òótọ́ fún ara ẹni. Bí ẹnìkan bá bi yín pé “èló lẹ máa fún ọ̀rẹ́ yín?”, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín, ẹ ó sì máa fi kún un. Àmọ́ bó bá bi yín pé “ṣé ọ̀rẹ́ yìí sún mọ́ yín ní ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ?”, ìdáhùn á jáde wẹ́rẹ́.

Ẹ má fi ipò pín in. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín tí ọmọ rẹ̀ ń gbéyàwó, tẹ́ ẹ ò sì mọ ọmọ náà rí, ìpín kan péré ló tọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi owó ọ̀rẹ́ wọn kẹ́ ọ̀gá, tí ọ̀gá náà kì í sì í rántí.

Ẹ yọ owó tẹ́ ẹ máa fi débẹ̀

Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń bá mi jiyàn. Nínú ìṣirò ẹ̀gbọ́n mi, iye tó wà fún ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ohun tó máa ná lórí rẹ̀: ọkọ̀, ibùsùn, aṣọ tó máa rà nítorí ọjọ́ yẹn, àti àwọn ayẹyẹ kéékèèké tó máa ń ṣáájú ìgbéyàwó. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ̀bùn.

Fún ti àbúrò rẹ̀, aṣọ gba 70, ọkọ̀ gba 30. Nínú 270, ó ku 170. Fún ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ lọ-bọ̀ àti ilé tó máa sùn gba 90, ó wá ku 72. Fún ti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, owó ọkọ̀ jẹ́ 4, ó ku 50. Ti ọmọ aládùúgbò, kò ní í lè lọ, nítorí náà kò ní ìnáwó kankan níbẹ̀, 54 rẹ̀ ṣì wà lódindi.

Ẹ wá wò ó: ọmọ aládùúgbò tí kò rí fún ọdún mẹ́wàá fẹ́ gba 54, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ fẹ́ gba 72. Ìṣirò náà tọ́, àmọ́ ojú rí i pé ó wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kéèyàn má jẹ́ kí ìṣirò parí ọ̀rọ̀. Ó dín ti ọmọ aládùúgbò kù sí 30, ó sì gbé 24 náà sórí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di 96. Níbi iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu láti dá owó jọ, 30 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, nítorí náà 20 ṣẹ́ kù nínú 50 ọ̀hún. Ó mú 4 nínú rẹ̀ láti sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ di 100 géérégé, ó sì da 16 tó kù padà sórí 60 tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di 76. Nígbà tí káàdì karùn-ún dé lójijì, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan, inú 76 yẹn ló ti mú 40. Kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àríyànjiyàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí: àwọn kan ní owó ọkọ̀ kò kan ọkọ àti ìyàwó, pé ẹ̀bùn ni ẹ̀bùn. Mo gbà pé tọkọtaya kì í rí owó ọkọ̀ yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn ló mú ayẹyẹ lọ síbi tó jìnnà, tí wọ́n sì fẹ́ kẹ́ ẹ wá, wọ́n mọ̀ pé ẹ ti ná nǹkan kẹ́ ẹ tó jókòó. Wíwá yín wà lára ẹ̀bùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń kì wọ́n nílọ̀ lé lórí ni pé kí ẹ̀bùn má di òfo. Ẹ yan iye kan tí kò ní í wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí ọkọ̀ bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Bí ẹ̀bùn tó ṣẹ́ kù bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tójú fi ń tì yín, ìlọ náà lẹ máa tún rò, torí pé ẹni tó bá jókòó sílé tó fi ẹ̀bùn tó nítumọ̀ ránṣẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì tẹ́ ẹ ń lọ láti ilé kan, ẹ̀bùn kan lẹ máa mú lọ, ó sì dáa kó ju ti ẹnìkan lọ díẹ̀. Kò pọn dandan kó di ìlọ́po méjì. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ mú ọ̀rẹ́ kan dání tí kò mọ tọkọtaya rí, òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan, orúkọ yín ni káàdì ń jẹ́.

Ẹ wo ohun táwọn náà fún yín rí

Bí tọkọtaya náà, tàbí àwọn òbí wọn, bá wá síbi ayẹyẹ tiyín rí, ẹ wá ìwé tẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn tó fún yín lẹ́bùn sí. Bẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Dídá oore padà dáa, àmọ́ iye tó wà lórí ìwé yẹn ti di arúgbó. Owó kì í dúró sójú kan.

Ọ̀nà tí mo fi ń yí i padà kò le. Ẹ má wo iye náà nìkan, ẹ wo ìdá tó jẹ́ nínú owó oṣù yín nígbà yẹn. Ká ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni, owó oṣù yín jẹ́ 600, wọ́n sì fún yín ní 30. Ìdá ogún owó oṣù nìyẹn. Bí owó oṣù yín bá ti di 1,000 lónìí, ìdá ogún rẹ̀ jẹ́ 50. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú. Bẹ́ ẹ bá kàn dá 30 padà, ẹ lè rò pé ẹ ti ṣe déédéé, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí 30 rà nígbà yẹn kò lè rà á mọ́.

Bí nǹkan ò bá sì ṣẹnuure fún yín mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi èyí tọ́wọ́ yín bá tó ṣe é. Ìwé ẹ̀bùn kì í ṣe ìwé gbèsè.

Ohun mẹ́ta tí kò yẹ kó dá iye fún yín

Èkíní ni iye oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti gbilẹ̀ pé ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ tó owó oúnjẹ àti ìjókòó tí wọ́n ná lórí yín. Ẹ rò ó wò. Àkọ́kọ́, ẹ ò mọ iye náà. Èkejì, àwọn ló yan gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó bi yín. Èyí tó burú jù ni pé bẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, ẹni tó ṣe àríyá olówó iyebíye lẹ máa fún lówó púpọ̀, ẹni tó sì ṣe ìgbéyàwó kékeré nítorí pé kò ní owó lẹ máa fún ní díẹ̀. Owó á wá máa ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ṣàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní.

Èkejì ni ohun tí ẹlòmíì mú wá. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan tó wà nípò kan náà pẹ̀lú yín, bóyá kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, pàápàá bó bá jẹ́ àwùjọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ìyẹn tó. Bẹ́ ẹ bá bi ènìyàn mẹ́rin, iye tó ga jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́kàn, kì í sì í ṣe pé gbogbo wọn ló ń sọ òótọ́.

Ẹ̀kẹta ni iye tí ìkànnì ìdáwó bá gbé síwájú yín. Àwọn ìkànnì kan máa ń fi bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin hàn, ọ̀kan á sì ti tàn sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni ìdáhùn tó tọ́. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti lè tẹ iye tiyín fúnra yín.

Bí owó á ṣe dọ́wọ́ wọn

Iye ti yanjú. Iṣẹ́ tó kù kéré, àmọ́ ibẹ̀ ni owó ti máa ń sọnù.

Bó bá jẹ́ pé ìkànnì ni, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn bóyá wọ́n ń yọ nǹkan nínú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan ń yọ ọ́ lára ẹ̀bùn, tó fi jẹ́ pé 100 tẹ́ ẹ san á dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya bíi 97. Àwọn míì á béèrè bóyá ẹ fẹ́ san án lọ́tọ̀. Bí ẹ bá mọ tọkọtaya náà dáadáa, ẹ lè fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn tààrà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí orúkọ yín má bàa sọnù nínú àkọsílẹ̀ wọn. Bó bá sì jẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, owó tí wọ́n máa yọ nìkan kọ́ lẹ máa wò. Iye tí wọ́n fẹ́ ṣẹ́ owó náà fún yín sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa fi wé ara wọn ni iye tó máa bọ́ sọ́wọ́ tọkọtaya, bẹ́ ẹ bá lo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ má sanwó láìtíì pè wọ́n. Àwòrán káàdì ìpè máa ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tó bá fẹ́ jalè kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe ju kó yí nọ́ńbà kan padà kó sì tún fi ránṣẹ́ lọ. Nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pè wọ́n, ẹ má lo èyí tó wà lára káàdì náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà àkáǹtì fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ tó bá jáde nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí orúkọ tí ẹ ò mọ̀ bá jáde, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ń bá wọn gba owó, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkókò yẹn kọ́ ló yẹ kí ojú máa tini láti béèrè.

Bó bá jẹ́ sọ̀wédowó, ẹ má sáré kọ orúkọ tuntun ìyàwó síbẹ̀. Orúkọ tó wà ní bánkì lónìí ni bánkì mọ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó yí i padà, bó bá tiẹ̀ máa yí i padà rárá. Ẹ má sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì pa pọ̀ bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ pé wọ́n jọ ní àkáǹtì kan, nítorí pé bánkì lè ní àfi kí àwọn méjèèjì wá. Orúkọ ẹnìkan, bó ṣe wà lórí àkáǹtì rẹ̀, ló máa ń rọrùn jù.

Bó bá wá jẹ́ owó ọwọ́, ẹ ra àpòòwé tí ìmọ́lẹ̀ ò lè là kọjá. Ẹ kọ orúkọ yín sí ara àpòòwé, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sínú káàdì tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí wọn, àpòòwé àti káàdì máa ń yà kúrò lára ara wọn. Àwọn tọkọtaya púpọ̀ ló ní owó kan tí wọn ò mọ ẹni tó fún wọn títí dòní. Ẹ má kọ iye owó sí ìta. Ẹ má gbé àpòòwé fún ẹni tó kàn na ọwọ́ pé òun ni wọ́n ní kó máa gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí kan tẹ́ ẹ mọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi í sínú àpótí tí ẹnìkan tẹ́ ẹ mọ̀ jókòó tì. Àpótí tó wà nídìí ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ ni àwọn olè ọjọ́ ayẹyẹ máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n fi tèmi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n nílò rẹ̀ jù, kò sì sẹ́ni tó máa gbé e sọnù.

Ẹ kọ nǹkan sínú káàdì náà. Owó kò ní ojú, ohun tẹ́ ẹ bá kọ ló máa fún un ní ojú. Gbólóhùn méjì tó: ìrántí kan tẹ́ ẹ ní nípa wọn, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. “Ẹ fi èyí jẹun lálẹ́ àkọ́kọ́ ìrìn àjò yín” á mú kí 30 wà lọ́kàn wọn ju 100 tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lọ. Ẹ má sì kọ “ẹ má bínú pé ó kéré.” Wọ́n lè má rò pé ó kéré títí ẹ fi sọ fún wọn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá owó jọ

Ìdáwójọ ń bo àṣírí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, nítorí pé iye kan ṣoṣo ni tọkọtaya máa rí. Àmọ́ ó lè di ìjà bí ẹ ò bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ yan ẹnìkan tó máa gba owó. Ẹ dá ọjọ́ kan tí ìdáwó máa parí, kó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ṣáájú ìgbéyàwó. Kí kálukú fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni yẹn ní ìkọ̀kọ̀, kí ó má ṣe sí àkọsílẹ̀ lójú ẹgbẹ́ tó ń sọ iye tẹ́nìkọ̀ọ̀kan mú wá. Orúkọ gbogbo wọn á wà lórí káàdì, láìsọ ẹni tó mú púpọ̀ wá.

Àwọn tó bá dá iye kan fún gbogbo ẹgbẹ́ ní láti gbé e síbi tí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù á ti lè san án láìjáyà. Bó bá ga jù fún yín, ẹ lè sọ fún ẹni tó ń gbà á pé: “Èyí tọ́wọ́ mi tó nìyí, ẹ bá mi fi kún ti ẹgbẹ́.” Ẹni tó bá ń gba owó náà kò gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ dí àlàfo ẹni tó ṣèlérí tí kò san. Ohun tó bá wọlé lọ́jọ́ tó parí ni ẹ̀bùn. Mo ti rí ẹni tó fi owó oṣù rẹ̀ dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn tó jẹ ẹ́ kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ọwọ́ ò bá tó rárá

Ó máa ń ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ bọ́, àìsàn dé, ọdún náà sì ti ná gbogbo ohun tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ má yá owó, ẹ má sì sá fún wọn. Ẹ lè lọ, kẹ́ ẹ mú káàdì tẹ́ ẹ kọ dáadáa dání, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ẹ̀bùn lẹ́yìn oṣù mélòó kan nígbà tí nǹkan bá rọ̀. Ẹ̀bùn tó bá dé lẹ́yìn tí ariwo ayẹyẹ ti lọ sílẹ̀, tí wọ́n ń ka ohun tí wọ́n ná, kì í bọ́ sọ́wọ́ tí kò mọyì rẹ̀. Ẹ lè ṣe iṣẹ́ kan fún wọn pẹ̀lú, bí ọwọ́ yín bá gbọ́n nínú nǹkan tí wọ́n á fi owó san, bíi kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ gbé àwọn àgbàlagbà, tàbí kẹ́ ẹ tọ́jú ọmọ fún wọn. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n má bàa ti sanwó fún ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ìdúpẹ́. Bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì yín bóyá owó náà jáde, tàbí bóyá wọ́n ti gba sọ̀wédowó yín. Bó bá ti jáde, ó ṣeé ṣe kó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, àwọn èèyàn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kọ̀wé ìdúpẹ́. Bó bá jẹ́ owó ọwọ́ ni, tí kò sì sí ọ̀nà láti mọ̀, ẹ lè bi wọ́n láìjẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ ń sin gbèsè: “Mo fi àpòòwé kan sínú àpótí lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó bọ́ sí yín lọ́wọ́, torí pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.” Bó bá ti sọnù, wọ́n á lè wádìí àwọn àpòòwé yòókù tó wà nínú àpótí yẹn pẹ̀lú.